Má sọ ìdọ́gba ix nù: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú sákíìtì tó ní orísun fólítéèjì tí ìṣàn ń darí

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìwé ìdánwò tí ìṣirò inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, síbẹ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibì kan náà ni ó ti bàjẹ́: wọ́n gbàgbé ìṣàn tó ń darí dáyámọ́ǹdì, àmì tí a fi ń ya orísun fólítéèjì tí ìṣàn ń darí.

Ẹ ya sákíìtì yìí. Bátìrì 18 V wà lápá òsì, rẹsísítọ̀ 4 Ω tẹ̀ lé e lókè. Láàárín, rẹsísítọ̀ 6 Ω sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀, ìṣàn tó ń gba inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ la pè ní ix. Lápá ọ̀tún, 2 Ω wà lókè, dáyámọ́ǹdì tí wọ́n kọ 2ix sí lára tẹ̀ lé e, ó sì kọjú àmì + sókè. I1 ni ìṣàn lúùpù òsì, I2 ni ti ọ̀tún, àwọn méjèèjì ń yí bíi ọwọ́ aago.

1. Kíkọ ìdọ́gba lúùpù nìkan. Lúùpù méjèèjì fún wa ní:

```
10 I1 - 6 I2 = 18
-6 I1 + 8 I2 + 2 ix = 0
```

Ohun àìmọ̀ mẹ́ta, ìdọ́gba méjì. Ibí ni ẹlòmíì ti ń fi I1 rọ́pò ix, nítorí pé I1 gba inú 6 Ω kọjá. I2 náà ń gba ibẹ̀, ó sì ń lọ sókè. Nítorí náà `ix = I1 - I2`. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó kọ ìdọ́gba lúùpù kankan, kí ẹ sì fi ìlà yí i ká. Ìdọ́gba kejì á wá di −4I1 + 6I2 = 0, I1 á jẹ́ 3 A, I2 á jẹ́ 2 A, ix á sì jẹ́ 1 A.

2. Yíyí ọfà ix padà. Ẹni tó bá kọ ix = I2 − I1 á rí I1 = 3.46 A àti I2 = 2.77 A. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé tó bá ṣe àyẹ̀wò lúùpù, gbogbo fólítéèjì á ròpọ̀ di òdo, nítorí pé ix òdì yẹn kan náà ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọfà inú àwòrán ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò: 6 V tó wà lórí 6 Ω, tí òkè rẹ̀ jẹ́ +, gbọ́dọ̀ fún wa ní 1 A tó ń lọ sísàlẹ̀.

3. Dída ẹ̀ka tí ix wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí bátìrì, 4 Ω àti 6 Ω, á sọ wọ́n di orísun 10.8 V kan pẹ̀lú 2.4 Ω. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n 6 Ω ti pòórá nínú àwòrán, ix sì ti bá a lọ, dáyámọ́ǹdì sì ṣì ń béèrè ix. Ni wọ́n bá sọ ìṣàn inú 2.4 Ω ní ix, èyí tí kì í ṣe òun rárá: ìṣàn yẹn ni I2.

Tó bá jẹ́ dandan kí ẹ dà wọ́n pọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ix sílẹ̀. Fólítéèjì orí 6 Ω ṣì wà lẹ́nu orísun tuntun náà, nítorí náà 6ix = 10.8 − 2.4I2, èyí tó túmọ̀ sí:

```
ix = 1.8 - 0.4 I2
10.8 = 4.4 I2 + 2 ix
```

Ẹ fi ti òkè sínú ti ìsàlẹ̀: 7.2 = 3.6I2, I2 = 2 A. Ó bá ti àkọ́kọ́ mu.

Pípa dáyámọ́ǹdì, ìyẹn sísọ ọ́ di 0 V, nígbà tí ẹ bá ń wá rẹsísítáǹsì Thévenin náà kò dára. Ẹ yọ 2 Ω kúrò, ẹ wo ojú ibẹ̀: fólítéèjì ibẹ̀ jẹ́ 7.2 V. Ẹni tó bá pa dáyámọ́ǹdì àti bátìrì á rí 2.4 Ω, tó bá sì dá 2 Ω padà, á rí 1.64 A dípò 2 A. Bátìrì nìkan la lè pa. Ẹ ti 1 A wọ ojú ibẹ̀ láti apá òsì: òkè 6 Ω á di 2.4 V, ix á di 0.4 A, dáyámọ́ǹdì á sì gbé apá kejì dé 0.8 V. Ìyàtọ̀ wọn, 1.6 V, ló sọ pé rẹsísítáǹsì náà jẹ́ 1.6 Ω.

Tí àwọn rẹsísítọ̀ bá wà ní kΩ tí ìṣàn sì wà ní mA, iye tó wà lára dáyámọ́ǹdì gbọ́dọ̀ wà ní kΩ pẹ̀lú.

Nínú SPICE, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò sákíìtì, H ni dáyámọ́ǹdì yìí, kì í sì í ka ìṣàn inú rẹsísítọ̀. Ìṣàn inú orísun fólítéèjì ló ń kà, nítorí náà ẹ fi orísun 0 V sábẹ́ 6 Ω:

```
* dayamondi
V1 1 0 18
R1 1 2 4
R2 2 4 6
Vx 4 0 0
R3 2 3 2
H1 3 0 Vx 2
.op
.end
```

Ìṣàn tó wọ ẹnu + Vx tó sì jáde lẹ́nu − ni SPICE ń kà sí rere, ìdí nìyẹn tí nóòdù 4 fi ṣáájú 0. Ìṣàn V1 á hàn bíi −3 A, nítorí òfin kan náà. Tó bá jẹ́ −3.46 A lẹ rí, Vx ni ẹ kọ sódì.