Adìẹ tí mo yan fún àwọn àna mi

Gáàsì tí mo fi jóná ló ń dùn mí jù. Ẹni tó ta adìẹ náà fún mi ní ó ti yọ́ tán, pé kí n kàn tì í bọ ófùn. Irọ́ ni! Òde ara rẹ̀ ló yọ́. Yìnyín ṣì wà nínú ikùn rẹ̀.

Mo ti lérí fún ìyàwó mi pé kó má wọ kíṣìnì lọ́jọ́ náà. Ata, àlùbọ́sà, bọ́tà, táìmù, ta ni kò mọ ìyẹn? Adìẹ náà tó kílò méjì. Mo fi í sínú iná 180°C fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó jáde, awọ rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mo gbé àyà sókè, mo gbé e síwájú Bàbá.

Wọ́n gé e níbi tí itan ti so mọ́ ara. Omi pupa ṣàn sínú àwo, ẹran ibẹ̀ sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Màmá ìyàwó mi rọra ti àwo náà padà sọ́dọ̀ mi: "Ọkọ ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì."

Mo dá a padà sínú iná, ni wàhálà bá bẹ̀rẹ̀. Awọ òkè ń dúdú, inú kò sì jinná. Ìyàwó mi ní kí n gé e wẹ́wẹ́, ká din ín. Bàbá ní kí n máa gún un títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Mo bá sá lọ yá tẹmọ́mítà lọ́wọ́ aládùúgbò wa tó ń ṣe kéèkì, òun náà sì tẹ̀ lé mi wá.

Mo gún igẹ̀, ó kà 71°C, inú mi dùn. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, inú itan, níbi tó nípọn jù, ni kẹ́ ẹ gún, kó má sì kan eegun." Eegun máa ń ṣi ẹ̀rọ náà lọ́nà. Ibẹ̀ kà 52°C péré! Mo fi fọ́ìlì bo igẹ̀, mo gé okùn tí mo fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, mo ya itan méjèèjì sọ́tọ̀ kí ooru lè wọlé. Mo ń fi ọṣẹ fọ irin náà kí n tó tún gún un. Nígbà tó kan 74°C, mo pa iná.

Ẹran ẹ̀gbẹ́ eegun ṣì pọ́n díẹ̀. Bàbá wò mí. Mo fi nọ́ńbà hàn wọ́n, mo ní mùdùnmúdùn inú eegun adìẹ kékeré tó ti dì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe àìjinná. Wọ́n jẹ itan náà tán. Igẹ̀ ló gbẹ díẹ̀.

Ẹni tó bá ra adìẹ dídì, kó gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì fún odidi ọjọ́ kan, kó sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo ti ra tẹmọ́mítà tèmi. Owó gáàsì ọjọ́ yẹn ì bá ti rà á.