Bí Mo Ṣe Kọ Lẹ́tà sí Akẹ́kọ̀ọ́ Máásítà tí Orí Kẹta Rẹ̀ Kò Tíì Yege

Iṣẹ́ náà jẹ́ ti àbójútó ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbà ń darí àwọn olùkọ́ ní í ṣe pẹ̀lú bí iṣẹ́ ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Orí kẹta ló fi ránṣẹ́, orí tó yẹ kó ṣàlàyé bí ìwádìí yóò ṣe lọ. Yàtọ̀ sí ìdánwò àkọ́kọ́ tó ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, kò tíì pín ìwé ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni. Èdè rẹ̀ já gaara, àmọ́ orí náà kò lè yege, ó sì di dandan kí n kọ ìdí rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi lè tún un ṣe.

Mo kọ́kọ́ ka orí náà láìmú bírò dání. Lẹ́yìn náà, mo ṣa gbogbo iye inú rẹ̀ sórí ìwé kan, pẹ̀lú ojú ìwé tí mo ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wúwo jù máa ń sá pamọ́ sí, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ abala kan lónìí, kó kọ òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, láìfi wọ́n wé ara wọn. Ojú ìwé 44 sọ pé olùkọ́ 1,240 ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ 31. Ojú ìwé 47 sọ pé olùkọ́ 303 ni yóò dáhùn ìbéèrè, láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí kò jìnnà síra. Àtẹ tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà sì sọ pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin náà jẹ́ 51, 46, 39 àti 32. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 168. Níbo ni 303 yóò ti wá?

Mo fi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Bí èèyàn bá fi ìpínrọ̀ mẹ́ta yin iṣẹ́ kó tó sọ pé kò yege, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé àtúnṣe kékeré ló kù. Mo kọ ọ́ báyìí: “Orí kẹta yín kò tíì yege. Ìdí méjì ló fà á. Méjèèjì ló ṣe é tún ṣe, bí ẹ bá ṣe é kí ẹ tó pín ìwé ìbéèrè.” Mo lo “ẹ” jálẹ̀. Olùkọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, àgbàlagbà ni, lẹ́tà yìí yóò sì wà nínú fáìlì.

Ìdí kìíní ni ti 303. Mi ò fẹ́ kó rò pé ìṣirò rẹ̀ ni mo ń bá wí, nítorí náà mo ṣe é lójú rẹ̀. Ìlànà Taro Yamane ló lò, níbi tí N ti jẹ́ iye gbogbo olùkọ́, tí n jẹ́ iye tí a ó yàn, tí e sì jẹ́ àṣìṣe tí a gbà láàyè, ìyẹn 0.05:

```
n = N / (1 + N × e²)
n = 1240 / (1 + 1240 × 0.0025)
n = 1240 / 4.1 = 302.4
```

Ó gbé e sókè sí 303, ó sì tọ̀nà. Ohun tí kò tọ̀nà ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìṣirò. Ìlànà yìí gbà pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan nínú 1,240 ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú ìwádìí, bí ẹni ń ṣẹ́ ìbò. Ẹni tó yan ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin nítorí pé wọ́n sún mọ́ra ti yọ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ 27 kúrò kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí ó kọ sílẹ̀ kò wúlò mọ́, kódà ká ní olùkọ́ inú ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin náà tó 303.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibí yìí ni mo sì fi ìpínrọ̀ tó gùn jù lọ sí. Ọ̀gá ni ìwádìí ń bi àwọn olùkọ́ léèrè nípa rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin, ọ̀gá mẹ́rin. Olùkọ́ 51 tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà bá le koko, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì tún jẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò, a ò ní lè mọ èwo nínú méjèèjì ló mú inú àwọn olùkọ́ bàjẹ́. Mo kọ ọ́ pé: “Ẹ má ṣe kà á bíi pé èèyàn 303 ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá 303.”

Àtúnṣe tí mo ní kó ṣe ni pé kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ 31 gbogbo. Olùkọ́ bíi mẹ́wàá ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì pọ̀ jù. Kó kọ́kọ́ fi àlékún sí 303 fún àwọn tí kò ní dá ìwé padà: bí ó bá rò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kò ní dá a padà, kó pín 303 sí 0.9, yóò sì di 337. Kó wá pín 337 náà gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi sí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní olùkọ́ 62 yóò mú 17, nítorí pé 62 pín sí 1,240, ní ìlọ́po 337, jẹ́ 16.85. Èyí tó ní 20 yóò mú márùn-ún. Kó gba orúkọ àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, kó fi nọ́ńbà sí wọn, kó sì ṣẹ́ ìbò. Mo fi kún un pé bí ẹni tí ìbò mú kò bá wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó padà wá, kó má ṣe gbé ìwé fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ní yàrá olùkọ́. Bí owó ọkọ̀ kò bá jẹ́ kó lè dé ilé-ẹ̀kọ́ 31, ọ̀nà kejì wà: kó ṣẹ́ ìbò fún ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀, kó sì kọ ọ́ gbangba pé iye àwọn ọ̀gá tó bọ́ sínú ìwádìí ti dín kù. Èmi kò fara mọ́ ọn tó ti àkọ́kọ́.

Ìdí kejì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kọ pé àlífà Cronbach jẹ́ 0.82, nítorí náà ìwé ìbéèrè rẹ̀ ń wọn ohun tó yẹ kó wọn. Àlífà kò lè sọ ìyẹn. Ohun tó ń sọ ni bóyá àwọn ìbéèrè bá ara wọn mu. Ogún ìbéèrè lórí owó oṣù lè bá ara wọn mu rẹ́gí láìkan ìdarí ọ̀gá rárá. Ó tún da ìbéèrè 20 lórí ìdarí pọ̀ mọ́ 12 lórí ìtẹ́lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ iye ìbéèrè tó bá pọ̀ sí i sábà máa ń gbé àlífà sókè. Mo ní kó ṣírò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn ìbéèrè òdì, irú bíi “Ọ̀gá mi kì í gbọ́ tẹnu wa”, kó kọ́kọ́ yí ìdáhùn wọn padà: lórí òṣùwọ̀n 1 sí 4, kó yọ ìdáhùn kúrò nínú 5. Bí ó bá gbàgbé, SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe ìṣirò, yóò tú u fó: iye iwájú ìbéèrè náà lábẹ́ `Corrected Item-Total Correlation` sábà máa ń ní àmì ìyọkúrò. Ní ti bóyá ìbéèrè kan ohun tó yẹ, kó fún onímọ̀ mẹ́ta ní ìwé náà pẹ̀lú àwọn èrò ìwádìí rẹ̀, kí wọ́n kọ èrò tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bá lọ, kó sì so ohun tí wọ́n kọ mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ tó ṣe ní ọ̀kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin náà kò ṣe é kà. Kó tún un ṣe fún olùkọ́ 30 ní ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn.

Àṣìṣe àkọtọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì mẹ́nu kàn án. Ìpínrọ̀ tó kù díẹ̀ kí a pa rẹ́, kí la fẹ́ fi àmì orí rẹ̀ ṣe?

Kí n tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ìwé wà lára ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, àti bóyá mo ti sọ ohun tí mo máa wá nígbà tó bá padà dé. Ìlà tó kẹ́yìn rèé: “Ẹ má tíì tún orí náà kọ. Ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ ilé-ẹ̀kọ́ 31 ránṣẹ́, pẹ̀lú iye olùkọ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye tí ẹ máa yàn níbẹ̀. Tí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 337, tàbí tó fi ọ̀kan tàbí méjì yàtọ̀ sí i nítorí gbígbé sókè tàbí sísọ̀ kalẹ̀, ẹ lè máa kọ̀wé lọ.”