Bí A Ṣe Ń Sọ Sílaìdì Méjìlélógójì Di Ojú Ìwé Kan fún Ọ̀gá Tí Kò Sí Nípàdé

Ọ̀gá tí kò ráàyè wá sípàdé ọjà títà olóṣù mẹ́ta kò ní jókòó ti sílaìdì méjìlélógójì. Orí fóònù ni yóò ti ka ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́, bóyá nínú mọ́tò. Ohun mẹ́ta ló ń wá: ṣé ọjà tà tó bí a ṣe fojú sùn ún, kí ló fà á, kí lẹ sì fẹ́ kí òun ṣe sí i?

Ká fi ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí wọ́n sọ nípàdé. Wọ́n ti ṣe sílaìdì kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìpinnu tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò lè sí nínú rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n fẹnu kò lé, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, àti ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò rí dáhùn. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, àkékúrú sílaìdì ló máa kọ, ọ̀gá á tún pè é láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

2. Ẹ kọ gbólóhùn kan fún sílaìdì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá mú gbólóhùn kankan jáde, bí àwòrán ayẹyẹ àti ojú ewé àkọlé, ẹ yọ ọ́ kúrò. Nínú èyí tó kù, ẹ fi kìkì ohun tó lè yí ìpinnu ọ̀gá padà sílẹ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí iye owó bára mu. Sílaìdì karùn-ún ní mílíọ̀nù 432 náírà, ìkọkànlélọ́gbọ̀n ní mílíọ̀nù 440. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe irọ́ lẹnì kan pa: ọ̀kan jẹ́ gbogbo ọjà tó jáde, èkejì jẹ́ iye tó kù lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọjà tí àwọn oníbàárà dá padà. Ẹ bi ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì lò ó délẹ̀. Níbí, mílíọ̀nù 432 la mú.

4. Ẹ tú owó palẹ̀. Mílíọ̀nù 400 ni wọ́n pa lásìkò yìí lọ́dún tó kọjá, nítorí náà sílaìdì ń yangàn pé ọjà fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbèrú. Ṣùgbọ́n 4,000 náírà ni páálí kan nígbà náà, ó ti di 4,800. Páálí 100,000 ni wọ́n tà lọ́dún tó kọjá, 90,000 ni wọ́n tà báyìí. Iye tí wọ́n ń tà á ló lọ sókè, ọjà fúnra rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Bí ojú ìwé yín bá kọ "ìdá 8" nìkan, ẹ ti ṣi ọ̀gá lọ́nà.

5. Ẹ wọn ìdí tí wọ́n sọ. Páálí 100,000 ni wọ́n fojú sùn, 10,000 ló dín. Ìbàdàn nìkan fi 11,000 dín: 29,000 ló tà nínú 40,000. Wọ́n ní ọjà tán nílé ìkẹ́rù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ pín 40,000 sí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Ó súnmọ́ 3,100 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì jẹ́ nǹkan bí 9,200. Ìdí náà gbé ọ̀pọ̀ jù nínú àdínkù náà, àmọ́ ó ku bí 1,800 tí kò tíì ní àlàyé. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ìdí tí kò bá lè gbé ìdajì àdínkù, ẹ má fi ṣe olórí ìdí.

6. Ẹ wá kọ ọ́, àbájáde ṣíwájú, ohun tẹ́ ẹ ń béèrè tẹ̀ lé e:

> Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án: a ta páálí 90,000 (mílíọ̀nù 432 náírà). A fojú sun 100,000 (mílíọ̀nù 480).
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ 10 Oṣù Kẹwàá: owó háyà ọkọ̀ akẹ́rù kejì fún Ìbàdàn, mílíọ̀nù 3 náírà lóṣù.
>
> Ibi tó ti dín: Ìbàdàn, 11,000, Abẹ́òkúta, 1,000. Èkó fi 2,000 lé.
>
> Ohun tó fà á: ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn, nígbà tó bàjẹ́, ọjà tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí jẹ́ nǹkan bí 9,200. Ọ̀gá ẹ̀ka Ìbàdàn yóò wádìí ìyókù, yóò sì jábọ̀ lọ́jọ́ 17.
>
> Lọ́dún tó kọjá: páálí 100,000. Owó gbèrú nítorí a fowó lé ọjà.

Bí kò bá gba ojú ewé kan, ẹ má sọ lẹ́tà di tín-ín-rín. Kó má kéré ju 11 lọ, gbólóhùn ni kẹ́ ẹ gé. Ẹ má lẹ àwòrán ìṣirò láti inú sílaìdì mọ́ ọn, torí nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í hàn lórí fóònù. Ẹ kọ nọ́ńbà sílaìdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè rí i.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan tí kò sí nípàdé ní ìṣẹ́jú kan kó kà á, kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ bi í pé kí lẹ ń fẹ́ kí ọ̀gá ṣe, kó tó di ọjọ́ wo. Bó bá ṣìnà, ìlà kejì lẹ máa tún kọ.