Orúkọ mi ló ti fáìlì mi pa

Mo ṣí isiro.xlsx nínú fódà tí a jọ ń lò, ó ní “locked for editing”, orúkọ èmi gan-an ló sì kọ síbẹ̀! Excel ti kú lójijì lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Tí a bá ṣí fáìlì, Excel a máa ṣẹ̀dá fáìlì kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí orúkọ ẹni tó ṣí i wà nínú rẹ̀. Tó bá kú, ìyẹn lè ṣẹ́ kù:

```
~$isiro.xlsx
```

Mo tọ́jú iṣẹ́ yòókù, mo wo Task Manager: EXCEL.EXE ṣì wà níbẹ̀ láìsí fèrèsé. Mo tẹ End task. Mo wá tan Hidden items, mo pa fáìlì ~$ náà rẹ́, isiro.xlsx sì ṣí. Bí ó bá kọ̀ láti parẹ́, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà mìíràn ṣì dì í mú; ẹ kọ́kọ́ wádìí.