Síláìdì iwájú fún ẹ̀kọ́ fífọ àdìrẹ: bí mo ṣe yan láàárín ọ̀rọ̀ lásán àti fọ́tò

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo ń bá bójú tó Instagram wọn. Àwọn oníbàárà kì í yé béèrè bí wọ́n ṣe máa fọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí aró rẹ̀ kò fi ní ṣá. A to ìdáhùn náà sí orí síláìdì, ó wá ku èyí tó máa wà níwájú. Màmá fẹ́ fọ́tò aṣọ. Èmi fẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Mo ṣe méjèèjì.

Fún ti fọ́tò, mo mú àdìrẹ oníṣẹ́-ọnà Ìbàdàndùn kan tó dára gan-an, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn àti ṣíbí tí wọ́n yà sínú rẹ̀ hàn kedere, mo wá kọ ọ̀rọ̀ funfun lé e lórí. Nígbà tí mo ṣí i tó gba gbogbo ojú fóònù, ó wù mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ puròfáìlì wa kò ní kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta ni àwòrán ń tò níbẹ̀, torí náà ohun tí mo ṣe ní fífẹ̀ 1080 píkísẹ́lì máa sún kì tó fi ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́tà tó ga ní 64 á wá ku bí 21. Mo ya àwòrán ojú puròfáìlì wa, mo lẹ fọ́tò náà mọ́ àyè àkọ́kọ́, mo sì na fóònù jìnnà sí ojú mi díẹ̀. Òpó àti ṣíbí ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀rọ̀ funfun sì ti há sáàárín ilà funfun aṣọ, mi ò rí i kà.

Àwọn kan á ní kí n fi dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ bo fọ́tò náà kí ọ̀rọ̀ lè yọ. Mo dán an wò. Ọ̀rọ̀ yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aró náà ṣú, àwọ̀ aró yẹn gan-an sì ni a ń tà. Mi ò lè fi aṣọ ṣíṣú síwájú oníbàárà nítorí àkọlé.

Ohun tó tún wúwo lójú mi ni àwọn àwòrán tó yí i ká. Gbogbo pósìtì wa ni fọ́tò àdìrẹ. Ẹni tó ti ra aṣọ, tó wá padà wá ẹ̀kọ́ fífọ, báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n láàárín aṣọ mọ́kànlá tó jọ ara wọn? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lásán ti borí. Ká ní ojú-ewé wa kún fún ọ̀rọ̀ ni, fọ́tò ni ǹ bá mú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀rọ̀. Àkọlé gígùn tí a ní tẹ́lẹ̀, mo gé e kù sí «Ẹ fọ àdìrẹ kó má ṣá», lórí ìlà mẹ́ta, kí lẹ́tà lè tó 190 píkísẹ́lì. Èdè wa ní ìṣòro tirẹ̀ níbí: àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀. Bí ìlà bá sún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ «ọ» á kọlu àmì ohùn ìlà tó tẹ̀ lé e, tó bá wá kéré tán, á dà bí ìdọ̀tí. Mo fẹ àlàfo ìlà dé 1.4, mo sì lo fọ́ǹtì Noto Sans, torí pé àmì méjèèjì ń jókòó sí àyè wọn nínú rẹ̀.

Ojú-ìwé funfun ni mo kọ́kọ́ fi hàn Màmá. Wọ́n ní, «Ó funfun jù, ọmọ mi. Kò jọ tiwa.» Òótọ́ ni. Aró dúdú náà kò sì ní ṣe é, torí á wọnú àwọn aṣọ yòókù lọ. A wá mú àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí aṣọ máa ń ní bí wọ́n bá rì í bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan péré, a fi aró dúdú kọ ọ̀rọ̀ lé e. Ó yàtọ̀, ó sì jẹ́ ti ilé.

Ìwọ̀n tún kù. 1080 sí 1350 ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n láti ọdún 2025 ni àwòrán orí puròfáìlì ti di 3:4, kì í ṣe onígun mẹ́rin dọ́gba mọ́. Ìyẹn máa ń gé bíi píkísẹ́lì 34 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fi 100 sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mi ò kọ nǹkan kan sí igun ọ̀tún lókè, torí ibẹ̀ ni àmì onísíláìdì púpọ̀ máa ń wà.

Ìbàdàndùn Màmá kò ṣòfò: ó di síláìdì kejì, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè rí i dáadáa. Mo sì so pósìtì náà mọ́ òkè kí aṣọ tuntun má baà tì í lọ sísàlẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè lórí fóònù báyìí, Màmá á ní, «Ẹ wo òkè, èyí tí kò ní aṣọ.»