Bí a ṣe ń kọ ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe dípò "ìṣesí rẹ̀ dára"

Nígbà tí àkókò ìgbéléwọ̀n òṣìṣẹ́ bá dé, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni í kọ "ó ní ìwà rere" tàbí "ìṣesí rẹ̀ kò dára tó" sínú fọ́ọ̀mù, tí wọn yóò sì buwọ́ lù ú. Òṣìṣẹ́ tó bá ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò lè mọ èyí tí òun yóò máa ṣe lọ àti èyí tí òun yóò jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní yàrá fáìlì ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, tí alábòójútó rẹ̀ sì kọ ọ́ pé "ìṣesí rẹ̀ sí iṣẹ́ kò dára."

Ohun àkọ́kọ́ ni kí alábòójútó bi ara rẹ̀ pé: kí ni mo fojú rí tàbí tí mo fetí gbọ́ tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Kí ó kọ gbogbo ohun tó bá wá sí i lọ́kàn sílẹ̀. Ó lè kọ mẹ́rin: obìnrin náà ń gbéra ga, kì í kí ènìyàn dáadáa láàárọ̀, ó máa ń fi fáìlì sílẹ̀ lórí tábìlì di ọjọ́ kejì, àwọn aláìsàn máa ń pẹ́ lójú fèrèsé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni yíyọ kúrò. "Ó ń gbéra ga" kì í ṣe ohun tí a rí, ìdájọ́ mìíràn ni, nítorí náà kí ó kúrò. Ọ̀rọ̀ ìkíni gba àròjinlẹ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà máa ń tètè rí ojú rere, àìkíni sì máa ń dun ni. Bí kíkí aláìsàn lójú fèrèsé, àti sísọ fún un bí yóò ti pẹ́ tó kí fáìlì rẹ̀ tó jáde, bá wà nínú iṣẹ́ tí a gbà á fún, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé alábòójútó fúnra rẹ̀ ni obìnrin náà kò kí dáadáa, ẹnu ni kí ó fi bá a sọ ọ́, kí ó má wọ inú fọ́ọ̀mù. Mo dúró lórí èyí, nítorí pé ibí yìí gan-an ni ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ti ń gba máàkì ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni ẹ̀rí. Kí alábòójútó ṣí rẹ́jísítà tí a ń kọ àkókò tí fáìlì jáde àti ìgbà tó padà sí, kí ó sì wo oṣù púpọ̀, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá máa ń bo ti àtẹ̀yìnwá mọ́lẹ̀. Ní 1954, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà kan, John Flanagan, ṣe àlàyé ọ̀nà tí a fi ń kó ìṣẹ̀lẹ̀ pàtó jọ lẹ́nu àwọn tó rí i: ohun tí ẹni náà ṣe, àti ìdí tó fi ran iṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí tó fi pa á lára. Ìwé kékeré kan tó fún ṣíṣe bẹ́ẹ̀, bí a bá ń kọ rere àti àìdáa sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà ni a óò wá kọ gbólóhùn tuntun: "Ní oṣù Kẹsàn-án, nínú ọjọ́ 20 tó wá síbi iṣẹ́, ọjọ́ 6 ni ó fi fáìlì sílẹ̀ lórí tábìlì di ọjọ́ kejì. Ní 3 nínú wọn, aláìsàn tó padà wá láàárọ̀ dúró ju ìṣẹ́jú 30 lọ kí a tó rí fáìlì rẹ̀." Ìyìn náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀: "Nígbà tí orúkọ aláìsàn méjì jọ ara wọn, ó béèrè nọ́ńbà káàdì àti ọjọ́ ìbí kí ó tó fa fáìlì yọ, kò gbé fáìlì ẹnì kan fún ẹlòmíràn lóṣù náà."

Kí a tó buwọ́ lù ú, kí a wá okùnfà. Bí 4 nínú ọjọ́ 6 yẹn bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, tí èrò pọ̀ jù, tí ẹnì kejì rẹ̀ sì wà ní ìsinmi, kí a kọ ìyẹn náà, nítorí pé àìtó òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ìṣesí. Kí a sì má ka ìyára nìkan: ẹni tó mọ̀ pé ìṣẹ́jú nìkan ni wọ́n ń kà yóò sáré, fáìlì tí kì í ṣe ti aláìsàn yóò sì dé iwájú dókítà.

Ohun tí a retí ni kí a kọ gbẹ̀yìn: "Fáìlì tó bá padà kí aago mẹ́rin tó lù yóò wà ní ipò rẹ̀ kí o tó lọ sílé, èyí tó bá dé lẹ́yìn náà yóò wà nínú àpótí kan ṣoṣo, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ nínú rẹ́jísítà." Kí a ka gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀. Bó bá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láìbéèrè ohun tí a ní lọ́kàn, gbólóhùn náà ti tó. Èyí tí a bá wá ẹ̀rí rẹ̀ tì, kí a pa á rẹ́, kí àyè rẹ̀ ṣófo.