Bí a ṣe ń sọ ohùn ìpàdé tàbí ẹ̀kọ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ tí ò ní dá wàhálà sílẹ̀

Gbígba ohùn sílẹ̀ ò le. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ tàbí alága kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ yọ foonu kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má bàa dá a dúró, kí ẹ sì gbé e sítòsí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ́ áńkáṣíìfù tí a ká sábẹ́ rẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá gbá tábìlì ló ń wọ inú ohùn. Foonu olówó pọ́ọ́kú níwájú sàn ju maiki olówó ńlá lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ. Ní Ìkòròdú níbí, jẹnẹrétọ̀ ló ń ba ohùn jẹ́ jù, nítorí náà ẹ jókòó jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí i.

Láti sọ ohùn náà di ọ̀rọ̀, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Whisper ni mo máa ń lò, lórí kọ̀ǹpútà mi fúnra mi, kí ọ̀rọ̀ ìpàdé má bàa kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ìgbà àkọ́kọ́ ló máa jẹ dátà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 MB. Lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Àṣẹ tí mo máa ń tẹ̀ rèé, `ipade.m4a` sì ni orúkọ fáìlì ohùn náà:

```
whisper ipade.m4a --model small --language en --output_format srt
```

Ẹ má fo `--language` o. Bí ẹ ò bá sọ èdè fún un, 30 ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ ló máa fi pinnu. Àdúrà la sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé: bí wọ́n bá gbà á ní Yorùbá, tí ìpàdé tó kù wá jẹ́ Òyìnbó, ẹ̀rọ á fi etí Yorùbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ohun tí yóò kọ ò sì ní ṣe é kà. `en` ni fún Òyìnbó, `yo` ni fún Yorùbá.

Àtúnṣe gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á ṣí ìwé náà, wọ́n á máa fi ojú kà á, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú nìkan ni wọ́n á tún ṣe. Àṣìṣe tó dàrú kì í ṣe ewu, torí gbogbo ojú ló rí i. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni gbólóhùn tó dán, tó já geere, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ. Etí la fi ń tún un ṣe.

Ẹ wo ìpàdé àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan l'Ígbógbó. Akápò sọ lédè Òyìnbó pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan dá 15,000 náírà. Ẹ̀rọ kọ 50,000, torí pé ìró nọ́ńbà méjèèjì súnmọ́ra lédè yẹn. Ìwé náà kà dáadáa, kò sì sẹ́ni tí ojú rẹ̀ lè mú un. Nígbà tó bọ́ sí Yorùbá, ó ní, "A ò dá owó náà padà." A fi `yo` sọ apá yẹn di ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì kọ "a o da owo naa pada" láìsí àmì. Ẹni tó bá fi ojú lásán fi àmì sí i lè kọ "a ó dá owó náà padà", owó tí wọn ò dá padà á wá di ìlérí.

Nítorí náà, ẹ fi gbohùngbohùn sétí, ẹ ṣí ohùn nínú VLC, ẹ fi `[` dín ìyára rẹ̀ kù, kí ẹ sì fi `Shift` pẹ̀lú ọfà òsì padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àkókò tó wà nínú fáìlì srt tí Whisper kọ ló máa júwe ibi tí ẹ wà. Nọ́ńbà, orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú bí Ìmọ̀tà àti Ìjẹ̀dẹ́, àti gbogbo "ó" àti "ò" ni kí ẹ dúró lé lórí, kí ẹ gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Bí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ yẹ ibẹ̀ wò dáadáa: ẹ̀rọ lè hùmọ̀ gbólóhùn, tàbí kó máa tún ọ̀kan náà kọ léraléra. Ẹ pa á rẹ́.

Ohùn wákàtí kan lè gba wákàtí mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ẹni tí àyè ò bá gbà, kó tún ibi ìpinnu àti ibi owó ṣe pátápátá, kó sì kọ ọ́ sórí ìwé pé òun ò tíì tún ìyókù ṣe.

Ibi tí ẹ ò bá gbọ́, ẹ má méfò. Ẹ kọ ọ́ báyìí: [kò yé mi, 00:14:32], kí ẹ lọ bá ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó tó gbàgbé. Ẹ má sì pa ohùn náà rẹ́ títí ìpàdé tó kàn yóò fi fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ yín.